Ó bá Gẹ̀ẹ́sì mu, ṣé ó wá yé àǹtí mi?

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Kútọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé pélébé ìlera wá fún títẹ̀. Ó ní kò sí àṣìṣe nínú Yorùbá rẹ̀. "A ti fún ẹlòmíì tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì, sà, ó bá ti àkọ́kọ́ mu régé." Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Àbúrò ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ilé ìwòsàn kan ní kí wọ́n wá yẹ ṣúgà ara wọn wò, ìwé tí wọ́n fún wọn sì ní: "Ẹ gbààwẹ̀ wá." Mùsùlùmí ni àǹtí mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, wọ́n fi láfún ṣe sààrì, wọ́n fi tíì oníṣúgà lé e. Aago mẹ́jọ ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Àyẹ̀wò yẹn ń fẹ́ àìjẹun wákàtí mẹ́jọ, ó kéré tán. 148 ló jáde, bẹ́ẹ̀ tó bá ti dé 126 ni dókítà ti ń fura sí àtọ̀gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni oorun ò kun àǹtí mi. Nígbà tí wọ́n lọ tún un ṣe láìjẹun mọ́jú, 94 péré.

Ẹ tú "ẹ gbààwẹ̀ wá" padà, Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ gan-an lẹ máa bá, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni òyìnbó ń pe ààwẹ̀ ẹlẹ́sìn àti àìjẹun nítorí àyẹ̀wò. Ààwẹ̀ tiwa ní sààrì nínú. Onígbàgbọ́ tó bá sì ka ìwé yẹn lè má fẹnu kan omi rárá, bẹ́ẹ̀ omi lásán ò pa àyẹ̀wò náà lára.

Èyí tó tún dùn mí jù: ilé ìwòsàn yẹn ní kí n tún ìwé náà kọ. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ má jẹ nǹkan kan láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí a ó fi gba ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀. Omi lásán nìkan lẹ lè mu." Wọ́n tú u padà, wọ́n ní mo fi aago kún un, mo fi omi kún un, kò bá Gẹ̀ẹ́sì mu. Wọ́n fagi lé e!

Wọ́n á ní ọ̀gá tó ń sanwó ò gbọ́ Yorùbá, kí ló fẹ́ kà? Ìyẹn ò kàn mí. Ó dáa, tí 10 bá ṣèèṣì di 8, tàbí tí ìlà kan fò, títú padà á gbá a mú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó máa lo ìwé ni kí ẹ fún kà. Ẹ má bi í pé "ṣé ó yé yín?", gbogbo ayé ló ń sọ pé ó yé wọn. Ẹ bi í ní ohun tó máa ṣe. Ìlà "ẹ gbààwẹ̀ wá" wà nínú ìwé ọmọkùnrin yẹn náà, mo bá ní kó kà á fún ìyá alákàrà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa jẹ kí wọ́n tó jáde.

"Ṣé Mọ́ńdè ni?" ni màmá wí. "Mo kúkú máa ń gbà á ní Mọ́ńdè. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni mo fi ń ṣe sààrì tèmi."

Ọmọkùnrin náà gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ atẹ̀wé.