Máàsì àti Sátọ̀nù kọ́ ló ń bínú nínú rẹ

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi da bébà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú níwájú oníbàárà. Ìwé ètò ìgbéyàwó ẹgbẹ̀rún kan la ń tẹ̀ fún ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣómólú. Ìyá náà ti jókòó tì wá láti àárọ̀, ohun tó sì ń jáde lára màṣíìnì kò dáa rárá: lẹ́tà rẹ̀ ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Mo pe ọmọ náà sẹ́yìn láti bá a wí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì àti Sátọ̀nù wà lójú kan náà lójú ọ̀run. Bí irú wa ṣe ń tiraka ni nǹkan ń fà wá sẹ́yìn, ìbínú á wá ká wa láyà, á bú jáde." Mo rò pé ìyá oníbàárà á bá mi bá a wí. Ńṣe ló mi orí, ó ní ọmọ òun náà rí bẹ́ẹ̀.

Ó ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ ní ilé onídìrí, mo ti gbọ́ ọ nínú dánfó láti Yábàá dé Ìdúmọ̀tà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bí ọmọ yẹn ṣe rò lọ.

Ohun tí àwọn awòràwọ̀ ń sọ kò le yéni. Wọ́n ní Máàsì ni iná, agbára àti ìgbìyànjú. Sátọ̀nù ni òtútù, ìdádúró àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Tí wọ́n bá sún mọ́ra gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹnì kan, tí dìgírì kan tàbí méjì péré ló wà láàárín wọn, wọ́n ní ẹni yẹn dà bí dírẹ́bà tó tẹ túrótù àti búrẹ́kì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé wọ́n sún mọ́ra lóòótọ́? Ẹni tó bá ti gba orí afárá Tọ́ọ̀dù Méńláńdì kọjá lóru á ti rí i: àtùpà apẹja kan nínú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, àti iná kan lókèèrè ní òdìkejì omi. Ó níbi tí ọkọ̀ rẹ máa dé, wàá rò pé iná méjèèjì ti di ọ̀kan. Tí o bá tún sún síwájú díẹ̀, wọn á pínyà. Apẹja yẹn ò mọ̀ pé iná kankan wà lẹ́yìn òun. Bí Máàsì àti Sátọ̀nù ṣe ń pàdé nìyẹn. Nígbà tí wọ́n "pàdé" ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2002, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi, Máàsì jìnnà sí ayé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù lọ́nà 350 kìlómítà, Sátọ̀nù sì jìnnà tó nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ọ̀dọ̀ àwa tí à ń wò wọ́n nìkan ni ìpàdé náà wà. Kò sì ṣọ̀wọ́n. Nǹkan bí ọdún méjì-méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀: ó ṣẹlẹ̀ ní 2018, ní 2020, ní 2022 àti ní oṣù Kẹrin 2024. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n máa ń wà láàárín dìgírì kan síra wọn. Ọmọ tí wọ́n ń bí ní gbogbo ayé lójoojúmọ́ sì lé ní 300,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ó ju mílíọ̀nù ọmọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti Èkó dé Ṣáínà, tí wọ́n ní ìwà kan náà ló máa jẹ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó le jù lọ́wọ́ mi kì í ṣe ìṣirò. Èmi fúnra mi ni.

Táyé ni orúkọ tí mo mú wáyé. Wọ́n bí èmi àti Kẹ́hìndé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, ọdún 1978. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Máàsì àti Sátọ̀nù yìí, mo ṣí Stellarium, áàpù tó ń fi ojú ọ̀run ọjọ́kọ́jọ́ hàn, lórí fóònù, mo tẹ ọjọ́ ìbí wa sí i. Mo rí àwọn méjèèjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ojú méjì tó wà lórí imú kan, kò tó dìgírì kan láàárín wọn. Ìpàdé wọn ti 1978 gan-an ni wọ́n bí wa sí. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni, àwa ló yẹ kó jẹ́ òótọ́ fún.

Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ṣíwájú Kẹ́hìndé. Awòràwọ̀ kan sọ fún mi pé ogún ìṣẹ́jú náà ló fa ìyàtọ̀, pé apá ojú ọ̀run tó ń yọ ní ìlà oòrùn yí tó nǹkan bí dìgírì márùn-ún láàárín ìgbà yẹn. Òótọ́ ni, ó ń yí. Ṣùgbọ́n Máàsì àti Sátọ̀nù ò sún sẹ́yìn tàbí síwájú ju ohun tí ojú lè rí lọ nínú ogún ìṣẹ́jú, orí ìpàdé àwọn méjèèjì ni wọ́n sì gbé ìwà yìí lé. Tí ogún ìṣẹ́jú bá lè pa á rẹ́, kí ni wọ́n wá ń sọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi, tí ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ wákàtí tó bí i?

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà, ní Ṣómólú níbí, ni èmi àti Kẹ́hìndé ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Kẹ́hìndé lè tú ìdì bébà tó ti gbá mọ́ra láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀. Tí oníbàárà bá bú u, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ní tèmi, mo ti ju sípánà mọ́ ògiri rí, ọ̀gá wa sì ti lé mi lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹnu mi. Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó mọ bí mo ṣe lè dákẹ́ kí n tó dáhùn. Lónìí, aṣọ ni Kẹ́hìndé ń tà ní Balógun, sùúrù ló sì fi ń tà á.

Mo sọ èyí fún awòràwọ̀ yẹn. Ó ní ó bá a mu wẹ́kú: Máàsì ló hàn lára èmi, Sátọ̀nù ló hàn lára Kẹ́hìndé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ pátápátá lójú mi. Tí mo bá ń bínú, Máàsì ni. Tí n kò bá bínú, Sátọ̀nù ló dì í mú. Tí mo bá ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, Sátọ̀nù ló fún Máàsì ní ìfaradà. Tí mo bá pa iṣẹ́ tì, Sátọ̀nù ló pa iná Máàsì. Ẹ sọ ìwà kan fún mi tí kò ní bá a mu. Ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹ̀dá tó lè já a nírọ́ kò sọ nǹkankan nípa ẹ̀dá kankan.

Àwọn tó gbà á gbọ́ máa ń ní, "Ṣùgbọ́n ó bá mi mu." Ó ń bá gbogbo ènìyàn mu. Ní 1948, olùkọ́ ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, fún akẹ́kọ̀ọ́ 39 ní àkọsílẹ̀ nípa ìwà wọn, ó ní ti oníkálukú ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló fún gbogbo wọn, inú ìwé awòràwọ̀ tí wọ́n ń tà lójú títì ló sì ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní máàkì 4.26 nínú 5. Èmi náà dán irú rẹ̀ wò: mo ka ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi rí lórí fóònù rẹ̀ sétí ìyá tó ń di ìwé fún wa àti ọkùnrin tó ń ta bébà ní ìkóríta, láìsọ ibi tó ti wá. Àwọn méjèèjì ní àwọn gan-an nìyẹn. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n bí sí ìpàdé yìí.

Wọ́n tún ti dán àwọn awòràwọ̀ fúnra wọn wò. Onímọ̀ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, Shawn Carlson, gbé èsì tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní 1985. Ó fún wọn ní àwòrán ojú ọ̀run ọjọ́ ìbí ẹnì kan, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìwà ènìyàn mẹ́ta, pé kí wọ́n mú èyí tó jẹ́ ti ẹni yẹn. Wọ́n ti ní àwọn máa gba ìdajì, ó kéré tán. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n gbà, iye tí ẹni tó bá di ojú mú un náà máa gbà.

Kí wọ́n má baà ní mo fi nǹkan pamọ́: ará Faransé kan, Michel Gauquelin, sọ pé Máàsì máa ń wà ní àwọn ibì kan lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n bá ń bí àwọn akọni eléré ìdárayá. Àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ́ gan-an. Nígbà tí àwọn ará Faransé mìíràn fi eléré ìdárayá tó lé ní 1,000 yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí i. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kò kan Sátọ̀nù, kò sì kan ìbínú.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Mo lọ wo màṣíìnì. Nínú iṣẹ́ wa, omi àti tàdáwà ló jọ ń ṣiṣẹ́ lórí pléètì. Omi ni kì í jẹ́ kí tàdáwà lẹ̀ mọ́ ibi tí kò sí lẹ́tà. Tí omi bá kéré, ìdọ̀tí á hàn sí ibi tó yẹ kó funfun. Tó bá pọ̀ jù, á wọnú tàdáwà, tàdáwà á dẹ̀, lẹ́tà á ṣá. Ọmọ yìí rí i pé lẹ́tà ṣá, ó tú tàdáwà sí i. Ìdọ̀tí yọ, ó tún fi omi kún omi. Bó ṣe ń tiraka ló ń bà á jẹ́, òótọ́ ló sọ níbẹ̀, àmọ́ omi ló fà á. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo sí i létí, oníbàárà sì dúró tì í lẹ́yìn. Ta ni kò ní bínú?

Mo ní kó fọ róólà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti kéré, títí ìdọ̀tí á fi fẹ́ máa hàn létí bébà, kó wá fi omi díẹ̀ kún un. Tó bá ti yí nǹkan kan, kó má fọwọ́ kàn án mọ́ títí bébà ọgbọ̀n á fi jáde, torí kì í hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ọgbọ̀n yẹn ló le fún un jù.

Ní ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ mìíràn wọlé. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó yí omi sísàlẹ̀ díẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì ń ka bébà sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ka a dé ọgbọ̀n kó tó mú ọ̀kan síbi iná láti wò ó. Lẹ́tà rẹ̀ dúdú dáadáa, ibi tó yẹ kó funfun sì funfun.