Ohun tó yẹ kí kẹ́míìsì kọ sábẹ́ àwòrán oògùn tí ìjọba ní kí a dá padà

Èrò ọkàn mi nìyí. Láàárọ̀ òní, àwòrán ìgò Benylin àwọn ọmọdé tún dé sórí Wásáàpù mi. Wọ́n fi àmì pupa yí i ká, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ikú wà nínú oògùn ikọ́, kí gbogbo abiyamọ dà á nù kíákíá, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò sí ọjọ́ níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà, kò sì sí orúkọ àjọ tí ó pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ ọdún 2024 ni wọ́n gbé jáde bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo ń ta oògùn mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fà. Ìyá kan yóò da gbogbo oògùn olómi tí ó wà nílé sí gọ́tà, títí kan èyí tí ọmọ rẹ̀ nílò. Ìyá mìíràn, tí ìgò tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sọ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pariwo báyìí, yóò sì máa fún ọmọ rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NAFDAC kéde pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fi hàn pé kẹ́míkà tí a ń pè ní dayẹtilíìnì gláíkọ́ọ̀lù pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú báàṣì kan ṣoṣo lára oògùn náà, èyí tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Nọ́ńbà báàṣì náà ni 329304. Báàṣì ni gbogbo oògùn tí wọ́n jọ pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bí àbùkù bá wà nínú èròjà tí wọ́n lò lọ́jọ́ náà, inú gbogbo ìgò tí ó ní nọ́ńbà yẹn ni kí a ti kọ́kọ́ máa wá a. Ẹni tí ó bá kéde ìgò oògùn láìkọ nọ́ńbà báàṣì kò tíì sọ nǹkan kan fún oníbàárà.

Èmi náà mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2008, irú kẹ́míkà yìí kan náà wọ inú oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin nílẹ̀ wa, ọmọ tí ó kú sì lé ní ọgọ́rin. Ó máa ń wọ inú oògùn nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ra gilisẹ́rìnì tàbí pirọpilíìnì gláíkọ́ọ̀lù tí a fi ń pò oògùn olómi lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣeé gbọ́kàn lé, tí wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lò ó. Ó dùn lẹ́nu, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn tí a lè fi dá a mọ̀. Kò sí ìyá tí ó lè tọ́ ọ wò kí ó mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbígbé oògùn náà kaná kò lè mú un kúrò. Nọ́ńbà ara ìgò nìkan ni ohun tí ìyá lè fi ojú ara rẹ̀ rí, ìdí sì nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ẹni tí ó yọ ọ́ sílẹ̀ tí ó wá fi àmì pupa rọ́pò rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà fún kẹ́míìsì ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ohun tí mo máa kọ nìyí:

«Ẹ̀yin oníbàárà wa, àjọ NAFDAC ti ní kí a dá Benylin àwọn ọmọdé onímílílítà 100 padà, èyí tí nọ́ńbà báàṣì rẹ̀ jẹ́ 329304. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìgò àti páálí rẹ̀, níbi tí wọ́n tẹ ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ sí. Bí nọ́ńbà náà bá bá èyí mu, tàbí tí ó ti parẹ́ tí ẹ kò lè kà á, ẹ má fún ọmọ mọ́. Ẹ má dà á nù. Ẹ dé e pa dáadáa, ẹ fi í síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, kí ẹ sì gbé e wá fún wa tàbí lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tí ó súnmọ́ yín. Bí ọmọ bá ti mu nínú rẹ̀ láìpẹ́ yìí, tí ó ń bì, tí inú ń run ún, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dínkù tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.»

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n má dà á nù ni pé ìgò náà ni dókítà yóò fi mọ ohun tí ọmọ mu, òun náà sì ni àjọ lè tún yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni mo sì fẹ́ kí ìyá rántí jù lọ. Kẹ́míkà yìí máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ṣùgbọ́n èébì àti inú rírun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú, àwọn ìyá a sì rò pé ibà tàbí eyín ni. Pámpásì tí ó gbẹ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán lára ọmọ tí ó ń bì kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò di ọ̀la. Ẹ má ṣe ro epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kì í lé kẹ́míkà yìí jáde, ó sì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí ara rẹ̀ kò le. Ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni ibi tí ó yẹ kí wọ́n sáré gbé e lọ.

Ní ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ mu ún láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, tí ara ọmọ náà sì le, kí ó fọkàn balẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ìpalára kẹ́míkà yìí máa ń fara hàn, kì í fara pamọ́ fún ọdún kan. Ó yẹ kí wọ́n kọ èyí náà síbẹ̀, nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń pè wá.

Àwọn kan ń sọ pé bí a kò bá pariwo, kò sí ẹni tí yóò kà á. Mo ti gbọ́ ọ tipẹ́, mi ò sì gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le fún mi ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ tí ó ni oògùn náà sọ pé àwọn yẹ báàṣì yẹn wò, àwọn kò sì rí kẹ́míkà náà nínú rẹ̀. Àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Gúúsù Áfíríkà náà wá sọ pé àyẹ̀wò tiwọn kò kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. Ṣé kí kẹ́míìsì yọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kúrò ni? Èmi rò pé kí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì kọ èyí tuntun sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Síbẹ̀, ìyá tí ó bá ka méjèèjì pọ̀ yóò bi mí pé èwo ni kí òun gbàgbọ́, mi ò sì tíì rí gbólóhùn tí mo lè fi dá a lóhùn tí kò ní dà bí ẹni pé mò ń gbèjà ẹnì kan. Ohun tí mo lè kọ láìṣiyèméjì kò ju pé ọjọ́ ìlò báàṣì náà ti parí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nítorí náà bí ìgò rẹ̀ bá ṣì wà nílé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n gbé e wá fún wa.