Òtapíàpíà nínú kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ: ṣé ó bójú mu?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Aáyán ti gba ilé ìdáná wa, eku sì ti dá àpò gààrí mi lu. Bàbá àwọn ọmọ ti ra òtapíàpíà, wọ́n ní àwọn máa wọ́n ọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù lálẹ́ yìí. Àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún méjì. Ṣé kò léwu?

Lékan Agége: Ewu wo? Ẹ wọ́n ọn, ẹ ti ilẹ̀kùn, tó bá di àárọ̀ kí ẹ gbá òkú aáyán dànù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa láti kékeré, kò sẹ́ni tó kú.

Bàbá Oníkòkòrò: Lékan, ẹ máa gbá òkú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbá ẹyin. Májèlé tí wọ́n ń pè ní dìkílófọ́ọ̀sì ló wà nínú ìgò yẹn. Èéfín rẹ̀ kì í dúró síbi tí ẹ wọ́n ọn sí, ó ń wọ oúnjẹ tí ẹ ò dé dáadáa, ọmọ tó ń rákò sì ń fi ọwọ́ nu ilẹ̀ sí ẹnu. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré 100ml rẹ̀. Ìyá Ìbejì, aáyán yín ńkọ́, ńlá ni àbí kékeré?

Ìyá Ìbejì: Kékeré ló pọ̀ jù sà. Tí mo bá tan iná lóru, ẹ̀yìn fíríìjì ni wọ́n ń sá lọ. Ẹyọ kan tàbí méjì tó tóbi máa ń jáde nínú ihò síǹkì.

Bàbá Oníkòkòrò: Ẹ ṣeun. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Inú sòkáwéè ni àwọn ńlá ti ń wá. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo ihò síǹkì, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì dí ibi tí páìpù gbà wọlé. Àwọn kékeré ní tiwọn, inú ilé ni wọ́n ń bí sí. Abo wọn ń gbé àpò ẹyin sí ìdí títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ọmọ 30 sí 40 ló wà nínú ẹyọ kan. Òtapíàpíà ò lè wọ àpò yẹn dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń padà wá.

Ẹ lọ ra páúdà bọ́ríìkì ní kẹ́mísì. Ṣíbí kan rẹ̀, ṣíbí ṣúgà kan, ṣíbí fúláwà kan, omi díẹ̀, kí ẹ pò ó kó le débi tó ṣeé ṣù. Ẹ ṣù ú wínníwínní, ẹ fi sínú ìdérí ìgò, kí ẹ tì í sẹ́yìn fíríìjì àti lábẹ́ gáàsì, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè dé. Májèlé lòun náà, ẹ má gbé e sítòsí oúnjẹ. Ẹ má fín nǹkan kan sí àyíká rẹ̀, torí aáyán ò ní súnmọ́ ọn mọ́. Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á kú síbi tí wọ́n sá sí, àwọn tó kù lè jẹ òkú wọn, àwọn náà sì lè kú. Tí ẹ bá rí ọmọ aáyán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àǹtí Ẹlẹ́ja: Eṣinṣin ni tèmi o, ó ń bà lé ẹja yíyan mi. Ṣé bọ́ríìkì yẹn á ṣiṣẹ́?

Bàbá Oníkòkòrò: Rárá, Àǹtí. Nẹ́ẹ̀tì lẹ máa fi bo ẹja, kí ẹ sì máa da ilẹ̀ nù lójoojúmọ́. Inú ìdọ̀tí tutù ló ń yé sí.

Lékan Agége: Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ẹyin. Eku ńkọ́? Ẹ fi májèlé eku sí ẹ̀gbẹ́ àpò.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀: Ẹ̀gbẹ́ àpò gààrí kẹ̀? Ẹ má ṣe é! Eku á jẹ ẹ́, á lọ kú sínú sílíǹ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òórùn rẹ̀ á wá lé yín jáde. Pàkúté ni kí ẹ dẹ. Ihò tí àtàǹpàkò bá wọ̀, eku wọ̀ ọ́. Ẹ ki wáyà ìfọkòkò sí i kí ẹ tó fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́. Ìgbẹ́ eku, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, torí ibà Lásà ń bẹ nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi bílíìṣì ife kan àti omi ife mẹ́sàn-án rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá nù ún. Gààrí tó ti lu yẹn, ẹ dà á nù. Èyí tí ẹ bá rà, inú ike olómorí tó le ni kó wà.

Ìyá Ìbejì: Ṣé gbogbo rẹ̀, mà? Ó kù ju ìdajì àpò lọ.

Lékan Agége: Ẹ bu òkè rẹ̀ dànù, kí ẹ fi ìyókù tẹ ẹ̀bà. Omi híhó á pa ohun yòówù tó wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀wọ̀: Omi híhó ò ní tíì débẹ̀ tí ọwọ́ ti bu gààrí, tí eruku rẹ̀ ti wọ imú. Ìtọ̀ eku ò sì ṣeé ṣà bí òkúta.

Lékan Agége: Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin kọ́ lẹ fowó ra àpò yẹn.

Ìyá Ìbejì: Mo ti gba òtapíàpíà lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì. Ti gààrí yìí, mo ṣì ń bá ara mi jà.