Ta ló yẹ kó san gbèsè ẹni tó kó èésú tó sì sá lọ?

Ọ̀rọ̀ èésú yìí ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Àǹtí kan tó ń ta ẹja yíyan ládùúgbò wa n'Íbàdàn bọ́ sínú èésú ẹlẹ́ni mẹ́wàá, 50,000 náírà ni wọ́n ń dá lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn á kó 500,000. Torí pé ẹni tuntun ni, nọ́ńbà tó kẹ́yìn pátápátá ni wọ́n fún un. Ìyẹn ò burú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ta ló máa kówó lé ẹni tí ò mọ̀ rí lọ́wọ́ lóṣù àkọ́kọ́.

Àfi bọ̀dá tó ní nọ́ńbà kejì. Ó kó 500,000 tiẹ̀, ó dá toṣù kẹta, ó dá toṣù kẹrin, nígbà tó di oṣù karùn-ún fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́, wọ́n délé ẹ̀, ó ti kó jáde. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 200,000 péré ló ti dá, 300,000 owó olówó ló bá lọ.

Wọ́n wá ṣèpàdé o, olórí èésú ní kí wọ́n fara dà á, pé látoṣù náà lọ, 450,000 lẹni tó bá kàn á máa kó. Ibẹ̀ ló ti ká mi lára. Àwọn nọ́ńbà kìn-ín-ní, ìkẹta àti ìkẹrin ti kó tiwọn pé, kọ́bọ̀ ò dín, àwọn mẹ́fà tó kù ló wá ń pàdánù 50,000 50,000. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá tètè kó èésú, owó tí kò lélé ló yá yẹn, ọwọ́ àwọn bí Àǹtí ẹlẹ́ja ló sì ti yá a! Òun ló máa dúró títí oṣù kẹwàá, ọjà ń gbówó lórí, páálí ẹja tó fẹ́ fowó yẹn rà ò ní dúró dè é, ẹ tún wá ní kó kó owó tó dín.

Tó bá ṣe pé àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n pín 300,000 yẹn, ó lé díẹ̀ ní 33,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Káwọn mẹ́ta tó ti kó ṣáà máa fi bíi 5,600 kún tiwọn lóṣooṣù títí èésú á fi parí, àwọn tó kù á máa kó bíi 466,000. Gbogbo yín lẹ jọ gba bọ̀dá yẹn wọlé, kí gbogbo yín jọ jẹ gbèsè ẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé kí Àǹtí fi èésú sílẹ̀ kó máa gbówó lọ báńkì, tó bá dọjọ́ tó fẹ́ yáwó, báńkì mélòó ló máa yá ẹlẹ́ja ní 500,000 láìbéèrè ìwé ilẹ̀?

Mo sọ ọ́ fún ìyá tó kó nọ́ńbà kìn-ín-ní, wọ́n ní àwọn kọ́ làwọn ṣe onídùúró fún bọ̀dá tó sá lọ, pé tí wọ́n bá ti sọ fáwọn látìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn tún máa fowó kún un, àwọn ò ní bá wọn dá a. Mi ò rí èsì fún wọn. Torí tí wọ́n bá kọ irú òfin yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ṣé èésú ọ̀hún á tiẹ̀ péèyàn mẹ́wàá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá a, kí lẹ máa ń ṣe níbi tiyín?