Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà Kì Í Mọ̀ Pé Ẹ̀yìn Òun Wọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó. Ẹ kú aṣọ fífọ̀ pẹ̀lú, torí mo mọ iye aṣọ ilé-ìwé tí ọ̀dà ti kùn ní sáà yìí.

Kí ẹ tó máa wo àwòrán àwọn ọmọ yín, òwe kan ni mo fẹ́ tú. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó bá ti fi àdá la ọ̀nà oko rí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Igbó tó wà níwájú ló ń ṣán. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà náà gún bí ọfà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa rí i pé ó ti yà sósì nídìí ọ̀pẹ. Òwe yìí kò bú ẹni tó ń la ọ̀nà, kò sì ní kó gbé àdá sílẹ̀. Ó kàn ń sọ fún un pé ojú ẹni ẹ̀yìn ń dé ibi tí tirẹ̀ kò dé.

Bí ọ̀rọ̀ ayàwòrán ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó tẹ̀ ba bébà lórí tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ kan péré ló wà láàárín ojú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń dín àkàrà lálẹ́. Ọ̀dà dúdú inú ìgò ló fi kun ojú ọ̀run, òun ló fi kun ìró ìyá, òun náà ló pò mọ́ àwọ̀ ojú rẹ̀. Lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ hàn sí i kedere, torí ó ti mọ ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Mo ní kó gbé bébà náà ti ògiri, kó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó sì rọra di ojú díẹ̀. Ìyá ti wọnú òkùnkùn lọ! Gèlè nìkan ló kù. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó lọ fi àwòrán náà pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kò ní sí lára èyí tí a máa fi hàn.

Mo bẹ̀ ẹ́, ó gbé e jáde. Mo ní kó fi ìmọ́lẹ̀ sójú ìyá. Ó po ọ̀dà pupa díẹ̀ mọ́ yẹ́lò, ó fi sí iwájú orí. Ó wá dára díẹ̀, àmọ́ èmi gan-an kò mọ̀ pé ẹ̀yìn tèmi náà wọ́. Ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, iná ààrò kì í ti òkè wá. Àgbọ̀n mi àti abẹ́ imú mi ló máa ń tàn sí."

Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ yìí, n kò rí i. Ọmọ náà tún un ṣe. Kò lo ọ̀dà dúdú mọ́. Ó po búlúù tó jinlẹ̀ mọ́ búráùn, òkùnkùn náà sì wá ní ìjìnlẹ̀. Ó fi yẹ́lò sábẹ́ àgbọ̀n, ó fi sábẹ́ apá tó ń yí àkàrà. Ẹ ó bá a níbi ògiri ọwọ́ ọ̀tún, òun ni ìkẹta.

Ẹ̀yin òbí, ojú tí ẹ bá wa fi wò ó yìí ni mo ń dúpẹ́ rẹ̀ ju owó ọ̀dà lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ojú ń tì, ẹ gbọ́ ti Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya èèyàn. Ní 1906, ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tí wọ́n ṣì ń sọ títí dòní. Síbẹ̀, ní 1920, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ jókòó níwájú olùkọ́. Nígbà tó padà dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé l'Ékòó ní àwòrán yíyà.

Ọmọkùnrin kan bẹ̀ mí pé kí n gbé tòun kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò gbà, àmọ́ mo ṣèlérí fún un pé a ò ní pe ẹnikẹ́ni jáde láti sọ̀rọ̀. Ibi tó bá wu kálukú ni kó dúró sí.

Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi ọmọ pé "kí lèyí?" Ẹnu rẹ̀ á pa dé ni. Ẹ bi í pé, "Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀?" Ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún un, títí kan ibi tó wọ́. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ògiri. Ẹ kọ́kọ́ dúró níbẹ̀ ná, kí ẹ tó sún mọ́ ọn.