Àbọ̀ ọ̀rọ̀ lórí káàdì ìbánikẹ́dùn

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Ìgbà tí a bá ń bá ẹni tó jẹ̀bi wí, tí a kò fẹ́ dójú tì í, ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Mo rí i pé ó bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ mu ju ẹni tó jẹ̀bi lọ, nítorí pé ẹni tí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láyé ti mọ odindi ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i. Ohun tí káàdì kékeré lè ṣe fún un kò ju pé kó fi hàn án pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́, pé ó dùn wọ́n, àti pé wọn kò retí kó dáhùn.

Láìpẹ́ yìí ni màmá obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ra káàdì, wọ́n sì gbé e fún mi pé kí n kọ ìlà mẹ́rin sí i kí gbogbo wa tó fọwọ́ sí i. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sórí ìwé àjákù nìyí:

Ìyá ni wúrà, ikú ti gba wúrà lọ́wọ́ yín.
Ẹ má sunkún mọ́, ibi ire ni wọ́n wà.
Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.
Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ké sí wa.

Nígbà tí mo kà á sókè, ojú tì mí. Òtítọ́ ni òwe tó wà ní ìlà kìíní, gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìyá ni wúrà, baba ni jígí. Ṣùgbọ́n òwe náà kò parí síbẹ̀, ó ń bá a lọ pé ọjọ́ tí ìyá bá kú ni wúrà bàjẹ́. Kò sí bí a ó ṣe pa ìdajì rẹ̀ tí ọkàn ọmọ Yorùbá kò ní fi ìdajì yòókù kún un fúnra rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń di odindi nínú olúwa rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n odindi tó ń gúnni ni. Nítorí náà, kí a tó fi òwe sórí káàdì ìbánikẹ́dùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa á délẹ̀ nínú ọkàn wa, ká wo ibi tí ìrù rẹ̀ yóò balẹ̀ sí.

Ìlà kejì pàṣẹ fún ọlọ́fọ̀, mo sì yára fà á rẹ́. Ẹ̀yin ẹni tó ń kọ káàdì, ẹ má ṣe yan iye omijé tí ọlọ́fọ̀ yóò sun.

Ìlà kẹta ló gba àròjinlẹ̀ jù, nítorí pé àdúrà tí gbogbo ènìyàn ń gbà ni. Ọ̀rọ̀ ikú ọ̀dọ́ àti ìjàǹbá ni ó tọ́ sí, níbi tí gbogbo ayé ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́. Ikú òbí yàtọ̀ sí i. Kí ọmọ gbẹ̀yìn òbí ni àdúrà tí òbí fúnra rẹ̀ ń gbà, kí sì ni a fẹ́ kó má ṣẹlẹ̀ mọ́ nígbà náà? Àdúrà tó bá a mu ni pé kí ọjọ́ ó jìnnà síra wọn, ìyẹn ni pé kí ó pẹ́ gan-an kí ọ̀fọ̀ mìíràn tó wọ ilé náà. Mo ti rí àwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ fi kún un pé àgbà ni wọ́n, wọ́n ti jẹun ayé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ olóògbé fẹnu ara rẹ̀ sọ ìyẹn, bó bá wù ú.

Ìlà kẹrin dára lójú, àmọ́ iṣẹ́ ni ó ń gbé lé ọlọ́fọ̀ lọ́wọ́. Òun ni yóò ronú ohun tó fẹ́, òun náà ni yóò ké síni. Ohun tí a lè ṣe ni kí a sọ, pàápàá bí a bá ti ṣe é tán. Ẹni méjì ti pín iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì rẹ̀ láàárín ara wọn kí káàdì tó dé ọwọ́ mi, èyí sì tó gbólóhùn kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ nípa màmá fúnra wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rí wọn rí. Ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sán ni màmá máa ń pe obìnrin yìí lórí fóònù, tí yóò yí àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé, tí ohùn rẹ̀ yóò sì rọ̀ bí ohùn ọmọdé. Mo rò ó títí bóyá ìyẹn yóò ta egbò náà jí, mo sì pinnu pé kí n kọ ọ́, nítorí pé ohun kan ṣoṣo tí a lè jẹ́rìí sí láìparọ́ nìyẹn. Ẹ̀kejì tí mo kọ nìyí:

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú ọ̀fọ̀ màmá.
A kò mọ ojú wọn, a mọ ohùn tí ẹ fi ń dá wọn lóhùn.
Iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ wa títí ẹ ó fi dé.
Kí Ọlọ́run tù yín nínú, kí ọjọ́ ó jìnnà síra wọn.

Ewì Yorùbá kò nílò kí òpin ìlà bára wọn dún. Ìlà kejì dúró lórí “a kò mọ” àti “a mọ”, ohùn sì gòkè lórí “ojú” kó tó wálẹ̀ lórí “ohùn”, ìyẹn nìkan ti tó láti mú kó dùn ún kà. “Ọlọ́run” ni mo lò, nítorí pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló ń pè é bẹ́ẹ̀. “Màmá” ni mo kọ, n kò kọ “ìyá yín”, nítorí pé nínú gbólóhùn kúkurú, ìyẹn lè dún létí bí èébú. Obìnrin náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ “ẹ”. Ká ní àbúrò ni, “o” ni ǹ bá kọ fún un, ṣùgbọ́n “wọn” ni màmá yóò ṣì jẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ àmì ohùn. Bí àmì ohùn ìsàlẹ̀ bá fò lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú “ọ̀fọ̀”, ó di “ọfọ̀”, a sì ti kí ọlọ́fọ̀ kú ògèdè pípè nìyẹn. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ kí n tó fi gègé tẹ̀ lé e.

Nígbà tí káàdì ń lọ káàkiri fún ìbuwọ́lùwé, ẹnì kan wò ó, ó ní àyè tó ṣófo pọ̀ jù, ó béèrè bóyá òun lè kọ ẹsẹ kan kún un. Mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó sì gbé káàdì fún ẹni tó kàn.