90/60 Kì Í Ṣe Àìsàn Fúnra Rẹ̀: Ohun Tó Yẹ Ká Wò Mọ́ Nọ́ńbà Náà

Ẹni tí wọ́n bá yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tó sì jẹ́ 90/60 kì í pẹ́ gba ìmọ̀ràn. Ẹnì kan á ní kó máa bu iyọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀, ẹlòmíì á ní kó lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹlòmíì á ní kó má dá jáde mọ́ kó má bàa dákú sójú ọ̀nà. Ohun kan náà ni gbogbo wọn gbà gbọ́: pé bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe jẹ́ àìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìfúnpá tó wálẹ̀ ṣe jẹ́ àìsàn, àti pé ẹni tí ẹ̀rọ bá ti kọ 90/60 fún ti ní in lára nìyẹn. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ṣe ìpalára lọ́nà méjì. Ó ń dẹ́rù ba ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé ó ń jẹ́ kí wọ́n máa fi iyọ̀ àti oorun tọ́jú ẹni tó yẹ kó ti wà nílé ìwòsàn láti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ. 90 ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, 60 sì ni agbára tó ṣẹ́ kù nígbà tí ọkàn bá tú ara sílẹ̀ kó tó tún fún pọ̀. Ohun tí ọpọlọ àti kídìnrín ń lò gan-an ni ìwọ̀n tó wà láàárín méjèèjì. Nítorí pé àkókò tí ọkàn fi ń sinmi gùn ju èyí tó fi ń fún pọ̀ lọ, ìwọ̀n àárín yìí máa ń sún mọ́ nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé kí ẹ yọ 60 kúrò nínú 90, ó ku 30. Kí ẹ pín 30 náà sí mẹ́ta, ó di 10. Kí ẹ wá fi 10 kún 60. Ó di 70. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gidigidi, ìwọ̀n àárín tí àwọn dókítà sábà máa ń sapá kí aláìsàn má bàa rẹ̀yìn sí ni 65. Ìyẹn ni pé 90/60, fún ara tó ti mọ́ lára, ṣì ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé.

Ẹ wá wo ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 24 kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì máa ń sáré ìdárayá. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò kó tó wọṣẹ́ tuntun, ẹ̀rọ sì kọ 90/60. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 62 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń tọ̀ bó ṣe yẹ, òòyì kì í kọ́ ọ tó bá dìde. Nínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ ti ọdún méjì sẹ́yìn, 94/62 ló wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wò sàn lára ọmọ yìí. Bí a ṣe dá a nìyẹn, ìdárayá sì tún ti jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lágbára débi pé kò nílò kó máa lù ní kíkankíkan. Bákan náà ni ìfúnpá ọ̀pọ̀ aboyún máa ń wálẹ̀ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí dé àárín rẹ̀, torí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ṣí sílẹ̀ sí i. Tiwa gbogbo pàápàá máa ń wálẹ̀ tí a bá sùn lóru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dà rú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé òkè àti ìsàlẹ̀ jọra. Wọn ò jọra rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru burú torí pé agbára tó pọ̀ jù, tó ń ti iṣan fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń ba iṣan náà jẹ́, bí ẹni tó ní in kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan lára. Ìfúnpá tó wálẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kì í ba iṣan jẹ́. Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láìsí àmì àìsàn kankan kì í tètè ní àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn bí àwọn tí tiwọn ga. Ohun tó ń sọ ìfúnpá tó wálẹ̀ di ewu ni kí ẹ̀jẹ̀ má dé ibi tó yẹ mọ́, ara á sì fi hàn bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé nọ́ńbà kan náà fún bàbá ẹni ọdún 67. Ọjọ́ pẹ́ tí bàbá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Pẹ̀lú oògùn pàápàá, 150/90 ni wọ́n sábà máa ń bá a. Ó ń lo oríṣi oògùn méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ni èyí tó ń mú èèyàn tọ̀. Ó ti ń ṣu gbuuru fún ọjọ́ méjì, kò lè jẹun, omi díẹ̀ ló ń mu, ṣùgbọ́n kò yé lo oògùn rẹ̀ torí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, ó jẹ́ 90/60. Ọmọ rẹ̀ ní, “Ẹ ṣeun Olúwa, ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti lọ.”

Rárá o. Ìwọ̀n àárín bàbá yìí máa ń jẹ́ 110 tẹ́lẹ̀. Ó ti já sí 70. Iṣan ọpọlọ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ara rẹ̀ bá agbára ńlá mu, kì í fẹ́ bá ìwọ̀n tó wálẹ̀ lójijì ṣiṣẹ́. Ohun tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn ń fi sáré, ó lè máà tó bàbá yìí láti fi ronú. Ẹ sì wo ìyókù ara rẹ̀: ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 112 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, kò tíì tọ̀ láti àárọ̀, ó sì ń pe orúkọ ọmọ kan mọ́ èkejì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pàjáwìrì máa ń fi ìlù ọkàn wé nọ́ńbà òkè. Ti ọ̀dọ́bìnrin náà jẹ́ 62 sí 90, ìlù ọkàn kéré gan-an sí nọ́ńbà òkè. Ti bàbá jẹ́ 112 sí 90. Tí ìlù ọkàn àgbàlagbà bá ti ju nọ́ńbà òkè lọ báyìí, àfi kí wọ́n tètè wá ohun tó fà á, torí ọkàn ń sá eré àsápajúdé kí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó kù lè kárí ni.

Kódà ká ní 110/70 ni ẹ̀rọ kọ fún bàbá yìí, tí gbogbo ènìyàn á sì ní ó dára, ìjásílẹ̀ 40 láti 150 ṣì jẹ́ ohun tó yẹ kó kó wa lọ́kàn sókè. Òdì kejì rẹ̀ tún wà: ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn rẹ̀ lè pàdánù tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kí nọ́ńbà òkè tó wálẹ̀, torí pé iṣan rẹ̀ á máa fún pọ̀ láti gbé ìfúnpá dúró. Nítorí náà, kí obìnrin tó lè lóyún tí inú bá ń run gan-an, tí òòyì ń kọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkì, má ṣe jókòó sílé torí pé ẹ̀rọ kọ 105/70. Oyún lè ti dúró síta ilé ọmọ, kó sì ti bẹ́.

Àyẹ̀wò kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, tó sì máa ń tú àṣírí. Tí a bá dìde, nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣàn wá sí ẹsẹ̀ àti ikùn, ara sì gbọ́dọ̀ fún iṣan pọ̀ kíá kí ọpọlọ má bàa ṣaláìní. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ yẹ ìfúnpá rẹ̀ àti ìlù ọkàn rẹ̀ wò. Kí ó wá dìde dúró, kí ẹnì kan wà nítòsí tó lè gbá a mú. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí nọ́ńbà òkè bá já tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ já tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tó jẹ́ 128/78 ní ìdùbúlẹ̀ tó wá di 98/64 ní ìdúró ni ẹni tó máa ṣubú tó bá dìde lọ tọ̀ lóru, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò kọ 90/60 fún un rí. Àwọn tó lè fẹ́ dákú níbi tí wọ́n dúró sí, kí wọ́n má ṣe é nílé.

Ìlù ọkàn lákòókò yẹn máa ń tọ́ka sí ohun tó fà á. Tó bá fò sókè gan-an, ó sábà máa ń jẹ́ pé omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ara ló dín kù. Tí ìfúnpá bá já ṣùgbọ́n tí ìlù ọkàn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ó lè jẹ́ pé iṣan ìmọ̀lára tó ń pàṣẹ fún ọkàn ló ti ń kú, bó ṣe máa ń rí lára àwọn kan tí ìtọ̀ ṣúgà ti pẹ́ lára wọn. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń dín ìlù ọkàn kù, kò sì ní jẹ́ kí ó fò sókè bó ti yẹ. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ̀ ń lò fún dókítà, títí kan èyí tí wọ́n ń lò fún wàhálà ìtọ̀ àgbàlagbà ọkùnrin àti oògùn agbára ọkùnrin, torí àwọn náà ń já ìfúnpá sílẹ̀.

Kí a má gbàgbé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Aṣọ ẹ̀rọ tó tóbi ju apá lọ máa ń fi nọ́ńbà hàn kéré, apá tí a gbé ga ju ọkàn lọ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé apá sórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ tún un wò.

Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lè ní ìfúnpá tó dára, ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 90/60 lè ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ìyẹn. Iyọ̀ ńkọ́? Àwọn kan wà tí dókítà máa ń ní kí wọ́n fi iyọ̀ kún un, lẹ́yìn tó ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kò nílò rẹ̀, ó sì lè ṣe ẹni tí ọkàn tàbí kídìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn léṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá dédé ń wá iyọ̀ kiri fúnra rẹ̀, tó ń rù, tó ń rẹ̀ ẹ́, tí ara rẹ̀ ń dúdú sí i níbi tí oòrùn kì í dé, kí ó lọ fi gbogbo rẹ̀ han dókítà pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kídìnrín kò ṣiṣẹ́ mọ́, àìsàn yẹn sì ń pani bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀.

Tí 90/60 bá bá àyà dídùn rìn, tàbí èémí tí kò délẹ̀, ìdákú, òógùn tútù, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, ibà pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ojú tàbí ètè tó wú lójijì lẹ́yìn oúnjẹ tàbí oògùn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dé. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá délẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó jókòó.

Ní ti bàbá wa, ilé ìwòsàn ni tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n máa fi omi sí i lára láti inú iṣan, wọ́n máa yẹ kídìnrín rẹ̀ wò, dókítà sì máa dá oògùn méjèèjì dúró ná. Tí ìgbẹ́ bá dá, tó ń tọ̀, wọ́n á yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró kí wọ́n tó dá oògùn padà fún un. Kí ọmọ rẹ̀ wá bi dókítà léèrè kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀ pé: tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá tún dé, èwo nínú oògùn yìí ni ká dá dúró, fún ọjọ́ mélòó? Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sára páálí oògùn náà.